Òjìji Tó Gùn Lọ́sàn-án Gangan: Ìwé Kan Tí Òfin Idán Inú Rẹ̀ Ń Tako Ara Wọn

Ìtàn àròsọ onídán ni iṣẹ́ tó dé ọwọ́ mi, orí mẹ́tàlélógún, ẹni tó kọ ọ́ sì ti fún àwọn kan kà kó tó kàn mí. Èsì tí wọ́n fún un kò ju gbólóhùn méjì lọ. Àwọn kan ní idán inú rẹ̀ kò yé àwọn, àwọn yòókù ní kó túbọ̀ ṣàlàyé. Òǹkọ̀wé náà gbọ́ràn. Ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú olójú ewé mẹ́rin síwájú orí kìíní, ó to gbogbo òfin idán ayé náà síbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Àwọn tó tún un kà lẹ́yìn ìyẹn ní kò tíì yé àwọn síbẹ̀. Ìgbà yẹn ló kọ̀wé sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, kí ló kù tí mo fẹ́ ṣàlàyé? Gbogbo ẹ̀ ló ti wà níbẹ̀."

Òótọ́ ló sọ, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni àdéhùn láàárín ohun tí ìwé náà sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn idán náà, nítorí ó dára gan-an. Ní ayé yìí, òjìji ara ẹni ni àwọn onídán ń ná. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí ìlẹ̀kùn tó tì á gé díẹ̀ lára òjìji rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ yí odò padà á gé púpọ̀. Bí òjìji tí a gé bá ṣe gùn tó ni iṣẹ́ tó lè ṣe ṣe tóbi tó. Tí oòrùn bá ti yọ lẹ́ẹ̀mẹta, ibi tí a gé á ti hù padà. Ẹni tó bá sì ná tiẹ̀ tán pátápátá yóò kú. Adérìn, àgbà onídán, ló kọ́ Àbẹ̀ní, akọni ìtàn náà, ní gbogbo èyí ní orí kejì, ó sì fi òfin kan kún un tó sọ pé kò yẹ̀ láéláé: kò sí ẹni tó lè ná òjìji ẹlòmíì.

Mo kọ́kọ́ ka ìwé náà tán láì kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i, àfi àmì kékeré níbikíbi tí mo bá ti dúró láti ṣí ojú ewé padà. Òǹkàwé tó bá ń ṣí ìwé padà lọ wo òfin ti jáde kúrò nínú ìtàn, ibi tó ti jáde sì ni òǹkọ̀wé nílò láti mọ̀, ju èrò òǹkàwé nípa ohun tó yẹ kó ṣe lọ. Nígbà tí mo máa tún un kà, mo la àtẹ sórí ìwé: orí wo ni, iṣẹ́ idán wo ni wọ́n ṣe, kí ni wọ́n san, ta ló sọ òfin tí iṣẹ́ náà dúró lé. Fún ìwé yìí mo fi ìlà kan kún un: ìmọ́lẹ̀ wo ló wà níbẹ̀, láti apá ibo? Idán kọ̀ọ̀kan ló ní ohun kan tí kò lè ṣe láì sí i, ohun yẹn ló sì yẹ kó ní ìlà tirẹ̀ nínú àtẹ. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń ná, màá béèrè ẹ̀jẹ̀ ta ni. Tó bá jẹ́ orúkọ, màá béèrè ẹni tó mọ orúkọ náà.

Ìlà ìmọ́lẹ̀ yìí ló tú ọ̀rọ̀ náà fó. Òjìji kì í dúró sójú kan. Nígbà tí oòrùn bá wà ní ìdajì ọ̀nà sí òkè, ìyẹn ní ìwọ̀n 45 dígírì, òjìji ènìyàn máa ń gùn tó ènìyàn náà gẹ́lẹ́. Tó bá sún mọ́ ilẹ̀ tó ku dígírì 10, òjìji á gùn ju ẹni tó ni ín lọ ní ìlọ́po márùn-ún àti àbọ̀, ó lé díẹ̀. Tí oòrùn bá wà lókè orí gan-an, òjìji á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Tó bá jẹ́ pé gígùn ni agbára, a jẹ́ pé onídán tó lágbára bí ọmọ ogun ní ìdájí kò ní lè ju ọmọdé lọ ní ọ̀sán. Òǹkọ̀wé kò sì sọ ohunkóhun nípa èyí. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ó tún wá burú sí i nídìí fìtílà. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé fìtílà sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀, òjìji rẹ̀ á gun ògiri dé àjà. Òǹkàwé tó bá ń fọkàn bá ìtàn lọ á ti ro èyí kó tó parí orí kejì, á sì máa béèrè ní gbogbo orí tó tẹ̀ lé e pé kí ló dé tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ò gbé fìtílà sílẹ̀. Àmì tó dájú pé òfin kan kò tíì pé nìyí: òǹkàwé ti rí ọ̀nà àbùjá tí àwọn tó ń gbé inú ayé náà, tí ẹ̀mí wọn wà lórí rẹ̀, kò rí.

Lára àwọn ibi tí mo ṣàmì sí, mẹ́rin ló ṣe pàtàkì.

Ní orí kẹfà, Àbẹ̀ní fi òjìji pa iná tó ń jó àká. Òru ni, òṣùpá kò sí. Mo ṣàmì síbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, torí mo béèrè pé òjìji wo ló ná. Nígbà tí mo kọ "iná àká fúnra rẹ̀" sí ìlà ìmọ́lẹ̀ ni mo rí i pé kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Iná tó fẹ́ pa ló ń ta òjìji rẹ̀ sẹ́yìn. Àní, ìṣòro tó dùn wà nínú rẹ̀: bó bá ṣe ń pa iná ni òjìji rẹ̀ á máa parẹ́, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ gé gbogbo ohun tó nílò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí iná tó rẹlẹ̀. Òǹkọ̀wé kàn gbàgbé láti jẹ́ ká wo ẹ̀yìn Àbẹ̀ní ni. Gbólóhùn kan tó fi òjìji yẹn hàn lórí ilẹ̀ á tó.

Orí kẹsàn-án kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Adérìn wó ẹnubodè ìlú Ọba Gbógunníyì lọ́sàn-án gangan. Iṣẹ́ tó tóbi jù lọ títí dé ibẹ̀ nínú ìwé nìyẹn, ó sì ṣe é ní wákàtí tí òjìji kéré jù. Lẹ́yìn náà ó padà sí àgọ́, ó jókòó, ó jẹun. Mo ti ń múra láti ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Ní orí kẹtàlá, ọmọ ogun kan ń kú lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àbẹ̀ní. Ó ní kó mú òjìji òun, Àbẹ̀ní sì mú un. Èyí fọ́ òfin tí Adérìn ní kò yẹ̀ láéláé, kò sì sí ẹni tí ẹnu yà nínú ìtàn náà, títí kan Àbẹ̀ní fúnra rẹ̀. Ní orí kejì lé lógún, Gbógunníyì ti í mọ́ iyàrá tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀, Àbẹ̀ní sì ná òjìji ilé náà, ògiri wó, ó bọ́. A kò gbọ́ rí pé ilé lè san owó idán fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mo kíyè sí nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni pé wọn kì í ṣe irú kan náà, àmọ́ orúkọ kan ni àwọn òǹkàwé ìṣáájú fi pe gbogbo wọn. Ti àká kò tako òfin rárá, a kàn fi ojú rẹ̀ pamọ́ ni. Ti ẹnubodè àti ti ọmọ ogun tako òfin. Ti iyàrá òkùnkùn kò tako òfin kankan tí a sọ, síbẹ̀ òun ló burú jù, torí òun ló yanjú ìjà tí a ti ń bá bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Brandon Sanderson, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, sọ nínú àròkọ kan ní ọdún 2007 pé bí idán bá ṣe yé òǹkàwé tó ni òǹkọ̀wé ṣe lè fi yanjú ìṣòro tó. Èmi ò gbà pé gbogbo ìtàn ló yẹ kó ní òfin tó le, ṣùgbọ́n lórí ìparí ìtàn, mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ pátápátá. Bí òfin tó gba akọni là bá jẹ́ èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́, òǹkọ̀wé ló gbà á là, kì í ṣe ọgbọ́n akọni.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn nǹkan kan wà tí ìwé náà kò ṣàlàyé tí mi ò sì béèrè. Kò sọ ìdí tí àwọn kan fi lè gé òjìji tí àwọn mìíràn kò lè gé e. Kò sọ ibi tí idán ti wá. Ní orí kẹwàá, ìyá arúgbó kan kọjá ní etí odò, òjìji méjì ló ń tẹ̀ lé e, ìtàn kò sì dá sí i mọ́. Àwọn òǹkàwé kan ti ní kó yọ ìyá náà kúrò. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Kò sí ìṣòro tí òjìji méjì náà yanjú, nítorí náà kò sí gbèsè àlàyé lọ́rùn rẹ̀.

Èsì tí mo kọ kò gùn. Mo kọ ohun tí mo gbà gbọ́ ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan àti ìdí rẹ̀, mi ò kọ àtúnṣe. Fún orí kẹsàn-án, mo kọ pé: "Níbí, mo gbà pé Adérìn máa kú, torí ọ̀sán ni, iṣẹ́ náà sì tóbi. Nígbà tó jókòó jẹun, mo padà lọ ka orí kejì. Ṣé ó mọ nǹkan tí kò sọ fún Àbẹ̀ní ni, àbí gígùn òjìji kò ní í ṣe pẹ̀lú wákàtí?" Ìbéèrè báyìí ń fi ọ̀nà méjì sílẹ̀ fún òǹkọ̀wé. Ká ní mo kọ pé "Èyí tako orí kejì", ohun tí ì bá ṣe ni pé kó yí wákàtí padà sí ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀, ìwé náà ì bá sì pàdánù ohun tó dára jù nínú rẹ̀, bí ẹ ó ṣe rí i.

Mo tún ní kó yọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú olójú ewé mẹ́rin yẹn. Ó dùn ún. Àlàyé tí mo ṣe fún un ni pé òfin tí asọ̀tàn sọ láti òkè wá ti di òtítọ́ ayé náà, bí ohunkóhun bá sì ta kò ó, àṣìṣe òǹkọ̀wé ni. Ṣùgbọ́n òfin tí Adérìn fẹnu sọ, Adérìn ló sọ ọ́. Adérìn lè má mọ̀. Adérìn lè purọ́.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí Adérìn bá purọ́ ńkọ́?"

Kí a tó dé ibẹ̀, mo béèrè ìbéèrè kan tí mo máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí òfin bá ń jà nínú ìwé rẹ̀: nínú gbogbo ibi wọ̀nyí, èwo lo ò lè fi sílẹ̀? Ó ní ti ọmọ ogun tó ń kú, kò tilẹ̀ ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní torí ibẹ̀ lòun ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwé náà. A jẹ́ pé òfin ló máa tẹ̀ fún ibẹ̀, ibẹ̀ kò ní tẹ̀ fún òfin. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ló ń ṣe é lódìkejì, wọ́n á di òfin tí wọ́n kọ lọ́jọ́ kìíní mú, wọ́n á sì gé ohun tí ọkàn ìtàn wà lára rẹ̀ sọnù. Ọ̀nà mìíràn tó tún wọ́pọ̀ ni kí wọ́n fi àyàfi kún òfin: kò sẹ́ni tó lè ná òjìji ẹlòmíì, àyàfi tí ẹni náà bá ń kú lọ, àyàfi tó bá jẹ́ ọ̀sán, àyàfi tó bá jẹ́ ilé. Àyàfi kọ̀ọ̀kan ń yanjú ojú ewé kan ṣoṣo, kò sì ṣe ìtàn yòókù láǹfààní kankan.

Òfin tuntun tí òǹkọ̀wé náà mú wá kò ní àyàfi nínú. A kò lè gba òjìji ẹlòmíì, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín lè fúnni. Òjìji tí a bá fúnni kì í tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀ mọ́, nítorí kò sí ara tó ń tẹ̀ lé. Bó ṣe gùn tó nígbà tí wọ́n fi í sílẹ̀ ló máa wà títí tí a ó fi ná an, tí a bá sì ná an, kì í hù padà. Adérìn mọ èyí. Ẹnì kan ti fún òun náà rí, kò sì fẹ́ kí Àbẹ̀ní mọ̀ pé irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ wà, torí ó mọ ohun tí ẹni tó fúnni ń sọ nù.

Ẹ wo ohun tí ìyípadà kan ṣoṣo yìí ṣe. Orí kejì di irọ́ tí àgbà pa pẹ̀lú ìfẹ́. Orí kẹsàn-án di ibi tí irọ́ náà ti kọ́kọ́ hàn: Àbẹ̀ní rí òjìji gígùn kan nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ Adérìn lọ́sàn-án gangan, nígbà tí òjìji gbogbo ọmọ ogun tó kù kò ju àtẹ́lẹsẹ̀ wọn lọ, kò sì mọ ohun tó rí. Òǹkàwé tó bá ka orí kẹtàlá á rántí rẹ̀. Àti ìyá arúgbó olójìji méjì yẹn, tí wọ́n fẹ́ lé jáde nínú ìwé, a ò fi ọ̀rọ̀ kan kún tirẹ̀, ó sì ti ní ìtumọ̀ fún ẹni tó bá kíyè sí i.

Lórí gígùn àti wákàtí, ó pinnu pé bẹ́ẹ̀ ni, gígùn ni agbára, kí ayé náà sì máa gbé pẹ̀lú rẹ̀. Iṣẹ́ pọ̀ níbí, àmọ́ iṣẹ́ tó dùn ni. Àwọn ọmọ ogun ń jà ní ìdájí àti ìrọ̀lẹ́, ọ̀tá tó gbọ́n á kọlù wọ́n ní ọ̀sán. Nínú ààfin Gbógunníyì, òkè àjà ni wọ́n ń gbé fìtílà kọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé iná sílẹ̀, ẹni tí wọ́n bá mú pẹ̀lú fìtílà nílẹ̀ dà bí ẹni tó yọ idà níwájú ọba. Ìbéèrè fìtílà tó ti ń yọ òǹkàwé lẹ́nu wá di òfin ìlú. Kò gbà ju ìpínrọ̀ kan lọ ní orí kẹrin, láti ojú ìránṣẹ́ kan tó ń gun àkàbà lọ tan iná.

Òfin tuntun kì í wá láì mú ihò tirẹ̀ dání. Bí òjìji bá ṣeé fúnni, kí ni kò jẹ́ kí Gbógunníyì fi idà sọ́rùn ẹlẹ́wọ̀n kan, kó ní kó fún òun? Mo béèrè èyí kí òǹkọ̀wé náà tó tún orí kan ṣoṣo kọ, torí bí òfin bá ṣí ilẹ̀kùn fún akọni, ọ̀tá náà á gba ibẹ̀ wọlé. Èsì rẹ̀ ni pé èyí tí a fipá gbà kì í ṣiṣẹ́. Mo ní ó dára, ṣùgbọ́n má sọ ọ́, jẹ́ kí ọba gbìyànjú rẹ̀. Ó kọ ọ́ sí orí kẹẹ̀ẹ́dógún: àwọn ẹlẹ́wọ̀n kú lọ́kọ̀ọ̀kan, òjìji wọn parẹ́ mọ́ ọba lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni a ti wá mọ ìdí tó fi nílò Àbẹ̀ní láàyè, kó sì fẹ́ràn òun tó láti fún òun. Nínú ìwé bó ṣe kọ́kọ́ kọ ọ́, kò sí ìdí kankan tí kò fi pa á nígbà tó mú un.

Ọ̀rọ̀ wá ku iyàrá òkùnkùn. Ilé kò lè fúnni ní nǹkan kan, nítorí náà ìparí yẹn gbọ́dọ̀ lọ. Àtẹ mi ló fi ọ̀nà hàn níbí: nínú ìwé àkọ́kọ́, Àbẹ̀ní ná òjìji ọmọ ogun náà ní orí kẹrìnlá láti wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ṣẹ́. Mo kàn fa ìlà sábẹ́ ìyẹn, mo kọ pé, "Ká ní kò ná an ńkọ́?" Òjìji tí kì í tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀ nìkan ló lè wà nínú òkùnkùn. Gbogbo òfin tí òǹkàwé nílò láti rò ó ṣáájú Àbẹ̀ní ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti orí kẹtàlá. Àmọ́ ẹsẹ̀ náà kò ní san, Àbẹ̀ní á máa tiro láti orí kẹrìnlá títí ìwé fi parí, gbogbo ibi tó ti sáré sì gbọ́dọ̀ yí padà. Òǹkọ̀wé náà kérora lórí èyí ju gbogbo nǹkan tó kù lọ. Ibi ìsáré pọ̀ nínú ìwé náà.

Nígbà tí iṣẹ́ náà padà dé, mo tún la àtẹ tuntun, mi ò lo ti àtijọ́, torí àtẹ àtijọ́ á jẹ́ kí n máa wo kìkì ibi tí mo ti mọ̀. Mẹ́ta nínú àwọn àmì mẹ́rin náà ti lọ. Iyàrá òkùnkùn ṣì ní ìṣòro díẹ̀, nítorí ó jẹ́ kí Àbẹ̀ní ṣàlàyé òfin náà fún ara rẹ̀ nínú ìpínrọ̀ gígùn kan kó tó ná òjìji náà. Mo ní kó gé e, òǹkàwé ti mọ̀. Àṣìṣe tuntun kan sì yọ jú tí kò sí tẹ́lẹ̀: nítorí ẹsẹ̀ títiro, ìrìn tó gba ọ̀sẹ̀ kan ní ìwé àkọ́kọ́ ti di èyí tí wọ́n gun ẹṣin rìn láàárín ọjọ́ méjì, Àbẹ̀ní sì gé òjìji tirẹ̀ jinlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn náà àti ní òpin rẹ̀. Oòrùn kò tíì yọ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo kọ ọjọ́ méjèèjì sí etí ìwé, mo sì béèrè bóyá odò tí wọ́n fẹ́ sọdá ní orí kẹtàdínlógún lè kún, kó dá wọn dúró títí oòrùn á fi yọ lẹ́ẹ̀kẹta.